Àǹtí Àfikún àti Ọkọ̀ Ojú Omi Tí Wọn Ò Wọ̀

Orúkọ tí àwọn oníbàárà ń pè é lẹ́yìn ni Àǹtí Àfikún. Kì í ṣe oríkì. Èébú tí wọ́n fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bá àwọn tó fẹ́ lọ gbafẹ́ lókèèrè ṣètò ìrìn wọn: yàrá hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ̀ tí yóò gbé wọn láti pápákọ̀ òfurufú, ẹni tí yóò mú wọn kiri ìlú. Bó bá ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, ìlà kan máa ń wà nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ rí. Ìlà náà ni àfikún.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Bí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, tábìlì rẹ̀ a máa gbọ̀n, ife tíì rẹ̀ a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sétí tábìlì. Òun náà a na ọwọ́ fà á padà láìwò ó. Àwòrán òkè tí yìnyín bò àti etíkun funfun ló wà lára ògiri. Kò dé ìkankan nínú wọn rí. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ẹni tó ń se oúnjẹ kọ́ ló ń kọ́kọ́ yó. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe, ní irọ́ ni, pé ó ti ṣírò tirẹ̀ náà tán, àfikún ni kò jẹ́ kó lè lọ.

Àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́sàn-án láti ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ló gun àtẹ̀gùn rẹ̀ wá lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àga ò tó, àwọn kan dúró ti ògiri. Wọ́n ti ń dáwó lóṣooṣù láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti mú ibi tí wọ́n fẹ́ lọ: ìlú kékeré kan létí adágún omi, lókèèrè, níbi tí òkè yí omi ká. Akápò wọn, ọkùnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, ló ń ṣe agbọ̀rọ̀sọ. Iyàrá iṣẹ́ abẹ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì jọ pé ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè kúkúrú.

Ẹni tí gbogbo wọn ń fún láyè jókòó ni Mẹ́tírọ̀n. Obìnrin náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún ló ti lo ayé rẹ̀, òru ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ó rọra jókòó bí ẹni tó ń gbé ẹrù ẹlòmíràn sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí Àǹtí Àfikún bi oníkálukú ní ohun tí wọ́n fẹ́ rí, àwọn kan ní òkè, àwọn kan ní ọjà, ẹnìkan ní òun fẹ́ ya fọ́tò tí yóò ba inú ìyàwó àbúrò ọkọ òun jẹ́. Mẹ́tírọ̀n ní òun ò fẹ́ rí nǹkan kan.

“Mo fẹ́ sùn ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ sùn sí yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ti ní wá kan ilẹ̀kùn pé omi ti tú, ẹ dìde. Kí n sùn títí ojú á fi là fúnra rẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àǹtí Àfikún ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ̀wé sí hòtẹ́ẹ̀lì náà lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n fún obìnrin kan nínú wọn ní yàrá tó wà lẹ́yìn, tó jìnnà sí àtẹ̀gùn àti ilé ìdáná.

Nígbà tí wọ́n padà wá gbọ́ iye rẹ̀, Akápò na ìka sí ìlà ìsàlẹ̀ kó tó ka èyí tó wà lókè. Ó ní ta ló ni èyí.

Àǹtí Àfikún ṣàlàyé fún un, bó ṣe ti ṣàlàyé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣáájú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, owó wa ni wọ́n fi ń tà á, wọ́n á sì san án lọ́sẹ̀ yẹn: kò nílò àfikún. Owó àsansílẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, òun náà á lọ lọ́sẹ̀ yẹn: kò nílò àfikún. Ṣùgbọ́n ìyókù owó hòtẹ́ẹ̀lì, tó pọ̀ ju àsansílẹ̀ lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà tó bá ku oṣù kan kí wọ́n gbéra ni wọ́n tó máa san án, owó òkèèrè ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Iye owó òkèèrè náà ò ní yí padà. Owó wa tí wọ́n máa fi rà á ni kò sẹ́ni tó mọ iye tí yóò jẹ́.

“Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọgọ́rùn-ún owó wa la fi ń ra ẹyọ kan tiwọn lónìí,” ó ní. “Mo wo ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Láàárín oṣù tó tó iye tí ẹ fi máa dúró yìí, ìgbà tó burú jù, ọgọ́rùn-ún di ọgọ́rùn-ún lé méjìlá. Méjìlá yẹn ni mo fi kún un, lórí ìyókù nìkan.”

Akápò ní lánàá lórí rédíò, ọgọ́rùn-ún kọ́ ni wọ́n pè é, ó dín sí i. Àǹtí Àfikún ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iye orí rédíò kọ́ ni wọ́n fi ń tà á fún ẹnikẹ́ni. Báńkì ló ń gba owó lórí káàdì, báńkì a sì máa fi tirẹ̀ lé e. Iye báńkì lòun fi ṣírò.

Wọ́n bi í pé kí ló dé tí wọn ò kúkú san gbogbo rẹ̀ báyìí kí wọ́n bọ́. Òun náà bi wọ́n bóyá owó náà ti pé. Kò tíì pé. Owó oṣù ni wọ́n ń yọ ọ́ nínú rẹ̀, ìdáwó ìkẹyìn yóò sì wọlé ní kété kí ọjọ́ ìsanwó tó pé. Akápò wá sọ ohun tí gbogbo wọn ń rò.

“Bí owó náà ò bá wá gòkè ńkọ́, Àǹtí? Ta ló ń jẹ méjìlá náà?”

Àǹtí Àfikún ní ẹ̀yin náà lẹ máa gbà á padà. Akápò wò ó bí ìgbà tí dókítà kékeré bá ní abẹ́rẹ́ náà ò ní dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n fọwọ́ sí i, nítorí pé Mẹ́tírọ̀n ti dìde, ó sì ní orúnkún òun ò lè gun àtẹ̀gùn ibòmíràn mọ́.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, Àǹtí Àfikún fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Bí oṣù mélòó kan ti kọjá, owó òkèèrè wálẹ̀. Kò wálẹ̀ púpọ̀: ọgọ́rùn-ún di mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnìkan ti bú u lórí fóònù nítorí tíkẹ́ẹ̀tì tí kì í ṣe òun ló ta á. Onílé ti wá béèrè owó ọ́fíìsì. Iná ti lọ, ó sì ti gbé kọ̀ǹpútà sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-fọ́tòkọ́pì tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Láàárín ariwo wọn níbẹ̀, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn nọ́ọ̀sì lórí Wasáàpù wọn. Ó ní ìròyìn ayọ̀ wà, owó òkèèrè ti wálẹ̀, bó bá lọ báyìí, nǹkan á ṣẹ́ kù fún wọn.

Kò sí ìdí kan tó fi yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé ìròyìn burúkú kiri láti àárọ̀ ni, ó sì wù ú kí ẹnìkan yọ̀ mọ́ òun lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n yọ̀. Wọ́n fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́ títí fóònù rẹ̀ fi gbóná. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Akápò ti wà níwájú tábìlì rẹ̀. Ó ti rí i pé hòtẹ́ẹ̀lì náà ní ọkọ̀ ojú omi tó máa ń gbé ènìyàn yí adágún ká, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó ti ṣírò rẹ̀. Owó àfikún tó wà lọ́wọ́ máa gbé ènìyàn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù.

Àǹtí Àfikún ní àfikún kì í ṣe owó tó ṣẹ́ kù. Ó ní títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san ìyókù, kò tíì sí ẹni tó mọ̀ bóyá ó ṣẹ́ kù tàbí kò ṣẹ́ kù.

“Ohùn yín ni mo gbọ́, Àǹtí. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹ ní nǹkan á ṣẹ́ kù.”

“Mo ní bó bá lọ báyìí.”

“Ó ń lọ báyìí.” Akápò fà sẹ́yìn nínú àga. “Ẹ má bínú o, ohun tí wọ́n ń sọ ní wọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní bẹ́ ẹ bá di owó náà mú, ẹ̀ báà ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni. Wọ́n ní ọ́fíìsì kan wà níwájú, kò gba àfikún kankan.”

Òótọ́ ni, ọ́fíìsì náà wà. Ó mọ̀ ọ́n. Wọn kì í gba àfikún, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìsanwó bá dé tí owó ti gòkè, wọ́n á pe oníbàárà pé kó wá san owó tó fi lé. Ó lè sọ èyí. Ó tilẹ̀ ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ó rántí iye ìgbà tó ti sọ ọ́, ó sì rẹ̀ ẹ́. Ife tíì ti dé etí tábìlì. Ó fà á padà. Ó ní ó dáa.

Nígbà tó sọ fún ọkọ rẹ̀ nílé, ọkùnrin náà dá sípánà dúró.

“Ìwọ? Ìwọ tó máa ń fi àfikún sí iyọ̀ ọbẹ̀?”

Ó ní kó fi òun sílẹ̀, òun fẹ́ sùn.

Wọ́n san owó ọkọ̀ ojú omi náà lọ́jọ́ kejì, ní owó òkèèrè, nígbà tó ṣì wà ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àfikún ló bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ẹni pé ìyẹn ni owó òkèèrè ń dúró dè, ó dìde. Kò fò. Bó fò ni, bóyá ara ìbá fu wọ́n. Ó ń fi ẹsẹ̀ kan gun òkè lẹ́yìn òmíràn, bí Mẹ́tírọ̀n ṣe ń gun àtẹ̀gùn: ọgọ́rùn-ún, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀; ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ta; ọgọ́rùn-ún lé méje. Láràárọ̀ ni Àǹtí Àfikún ń wo iye báńkì kó tó wọ bàtà. Nígbà tí ìsanwó kù díẹ̀, ó ti di ọgọ́rùn-ún lé mẹ́sàn-án.

Ohun tó dùn ún jù ni pé mẹ́sàn-án kò tó méjìlá. Ká ní àfikún ṣì wà nílẹ̀, ìbá san iye tó fi lé náà tán, ìbá sì ṣẹ́ kù lóòótọ́.

Ó pe Akápò, ó sọ fún un. Akápò ò jiyàn. Ó béèrè iye tó kù, ó ní òun á bá wọn sọ̀rọ̀. Ó jọ pé ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní wọ́ọ̀dù ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé wọ́n ti pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan ní àwọn á rí i yá. Àwọn kan ń bínú, wọ́n ní Àǹtí ló fẹ́ fi ọgbọ́n gba owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́tírọ̀n nìkan ló wá.

Ó gun àtẹ̀gùn náà fúnra rẹ̀. Àǹtí Àfikún gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọ̀kan, ìsinmi, ọ̀kan, ó sì sáré jáde lọ dì í mú. Ìyá náà jókòó tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní oṣù tó kọjá ni owó oṣù òun gbẹ̀yìn. Owó ìfẹ̀yìntì ò tíì bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ò sì yé ẹnikẹ́ni. Òun ò ní lọ yáwó nítorí oorun.

“Ẹ yọ orúkọ mi, ọmọ mi. Owó tí mo ti dá, ẹ fi dí ihò yẹn fún àwọn ọmọdé yìí kí wọ́n lè lọ. Ilé náà la ti ń sùn.”

Àǹtí Àfikún ò mọ bó ṣe fẹ́ sọ ọ́ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọn ò ní dá a padà. Àsansílẹ̀ rẹ̀, wọn ò ní dá a padà, ìyókù owó yàrá rẹ̀ ò sì ní dín bó bá lọ tàbí kò lọ. Ìdúró rẹ̀ nílé kò ní pa owó púpọ̀ mọ́ fún ẹnikẹ́ni, oorun nìkan ni yóò jẹ́ àdánù. Ó kàn ní kí ìyá náà fún òun di ọjọ́ kejì. Ó sìn ín sọ̀kalẹ̀, ó bá a dá takisí dúró, ó sì san owó rẹ̀ fún awakọ̀ kí ìyá náà tó rí i.

Nígbà tó padà sókè, ó ka gbogbo ohun tí hòtẹ́ẹ̀lì náà ti kọ ránṣẹ́ sí i, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti mọ ohun tó ń wá, ó kàn ń bẹ̀rù pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni. Kò tíì kọjá. Ẹni tó bá fagi lé ọkọ̀ ojú omi kó tó ku oṣù kan, wọ́n á yọ ìdá kan nínú márùn-ún, wọ́n á dá mẹ́rin padà.

Ó kọ̀wé sí wọn. Ó rọra kọ ọ́, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ènìyàn lè ti pàdánù lẹ́ẹ̀kejì. Kò ní kí wọ́n dá owó náà padà sórí káàdì. Bí wọ́n bá dá a padà, báńkì á sọ ọ́ di owó wa ní iye tí báńkì fi ń rà, èyí tó máa ń kéré. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, báńkì kan náà á tún tà á fún wọn ní iye tó ga. Ó ní kí wọ́n fi owó náà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìyókù owó yàrá. Owó òkèèrè ni, gbèsè owó òkèèrè ni kó lọ san. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó wálé wá kí wa.

Hòtẹ́ẹ̀lì náà gbà. Nígbà tó ṣírò rẹ̀, ó tún un ṣe, nítorí kò gbà á gbọ́. Owó tí wọ́n fi mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún rà, gbèsè tí yóò ná wọn ní ọgọ́rùn-ún lé mẹ́sàn-án ló ń san báyìí. Bí wọ́n tilẹ̀ yọ ìdá kan, pẹ̀lú ìwọ̀nba àfikún tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó dí ihò náà. Díẹ̀ tún ṣẹ́ kù lókè rẹ̀.

Kì í ṣe ọgbọ́n. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Akápò nígbà tí ìyẹn fẹ́ yìn ín. Ká ní wọ́n fi owó náà ra nǹkan tí kò ṣeé dá padà, oúnjẹ ni wọn ì bá máa dín kù. Ó ní ọwọ́ òun ò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló kọ́kọ́ gbé ohùn jáde. Ó wá ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí wọn ò ní wọ̀ mọ́, òun ò ní sọ ọ́ fún wọn.

“Ta ló máa sọ ọ́?” Akápò béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

“Ẹni tó tu ọkọ̀ náà jáde létí omi ni kó tù ú padà.”

Akápò sọ fún wọn. Ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn ò dé ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá Awakọ̀ Ojú Omi ni wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀dù, àwọn dókítà náà sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Wọ́n san ìyókù. Díẹ̀ tó ṣẹ́ kù, Àǹtí Àfikún ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ṣẹ́ kù. Ó fi sí orí káàdì tí Akápò máa mú dání, ó ní kó má fọwọ́ kàn án títí wọn ó fi jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní bí ohunkóhun bá kù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, ìgbà yẹn ni yóò di owó tó ṣẹ́ kù.

Wọ́n lọ. Ọjọ́ tí wọ́n lọ, oníbàárà mìíràn ti wà ní àga Mẹ́tírọ̀n, ọkùnrin kan tó fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ lọ wo ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi. Ó dé ìlà ìsàlẹ̀, ó gbójú sókè. Àǹtí Àfikún bẹ̀rẹ̀ láti orí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ mìíràn, fún ẹlòmíràn, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Akápò ni, láti ìdí káńtà hòtẹ́ẹ̀lì. Ohùn rẹ̀ sún mọ́ etí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní owó orí kan wà tí ìlú ń gbà lọ́wọ́ àlejò fún alẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó san án báyìí. Ó ti ki káàdì bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà ń béèrè bóyá owó wa ló fẹ́ fi san án tàbí owó tiwọn. Obìnrin tó wà ní káńtà ní owó wa ló máa yé e jù.

“Tiwọn,” Àǹtí Àfikún ní. “Ẹ tẹ tiwọn. Bí ẹ bá tẹ tiwa, àwọn ló máa bá yín ṣẹ́ ẹ, ní iye tó bá wù wọ́n.”

Ó gbọ́ tí ẹ̀rọ náà dún. Ó béèrè bóyá ó tó. Akápò ní ó tó, díẹ̀ kù, ó sì yára fi kún un pé òun ò ní fọwọ́ kàn án.

Ó ti fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí Akápò tún pè é. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣì wà. Ẹni tó fẹ́ mú wọn kiri òkè ti dé, ọkọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ènìyàn ti péjọ, àyàfi Mẹ́tírọ̀n. Oòrùn ti ga. Wọ́n ti lọ fetí lé ilẹ̀kùn rẹ̀, híhanrun nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Wọ́n ti san owó òkè náà lórí rẹ̀, ó sì jẹ́ owó gidi. Ṣé kí àwọn kanlẹ̀kùn?

Ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ife tíì gbéra. Àǹtí Àfikún gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó sì di ojú fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé òun náà wà nínú yàrá ẹ̀yìn, tó jìnnà sí àtẹ̀gùn àti ilé ìdáná.

“Ẹ má kàn án,” ó ní. “Owó tirẹ̀ ló ń ná lọ́wọ́ yẹn.”